Owó ilé àti àwọn tí à ń bọ́: fọ́ọ̀mù owó orí Masasúsẹ́tì láti ìlà dé ìlà

Ọ́fíìsì tó ń san owó iṣẹ́ yín mọ iye tí wọ́n ń san fún yín, ṣùgbọ́n kò mọ iye tí ẹ ń kó fún onílé lóṣooṣù. Kò mọ̀ pé ìyá yín ti wá ń gbé lọ́dọ̀ yín, kò sì mọ̀ pé ẹ̀yin nìkan lẹ ń dá tọ́ àwọn ọmọ. Ohun ìwọ̀nba tó mọ̀ yẹn ló fi ń yọ owó orí kí owó tó kàn yín lọ́wọ́. Nítorí náà, ẹni tó ń sanwó ilé, tó sì ń bọ́ ènìyàn, sábà máa ń san owó orí kọjá iye tó yẹ ní gbogbo ọdún. Fọ́ọ̀mù tí a ń kọ lẹ́yìn tí ọdún bá parí ni ibi kan ṣoṣo tó ti lè sọ èyí fún ìjọba kí ó sì gba ìyókù owó rẹ̀ padà.

Ìpínlẹ̀ Masasúsẹ́tì ní Amẹ́ríkà ni mo fẹ́ mú, nítorí pé òfin owó orí wọn fi ààyè sílẹ̀ fún owó ilé àti fún àwọn tí à ń bọ́ lórí fọ́ọ̀mù kan náà, àti nítorí pé ọmọ Yorùbá tó ń ṣiṣẹ́ oṣù níbẹ̀ kì í ṣe díẹ̀. Ìpínlẹ̀ náà ń gba márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lórí owó iṣẹ́. Ìyẹn mú kí ìṣirò rọrùn: dọ́là 1,000 tí òfin bá gbà kí ẹ yọ kúrò, dọ́là 50 ló fi dín owó orí yín kù. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí òun ló máa jẹ́ ká mọ ìlà tó níye lórí àti èyí tí ariwo rẹ̀ pọ̀ ju èrè rẹ̀ lọ.

Àpẹẹrẹ ni ká fi tẹ̀lé fọ́ọ̀mù náà. Ká sọ pé opó kan ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn ní Bírọ́kìtìn. Dọ́là 58,000 ló gbà ní ọdún 2024. Ó ní ọmọ méjì, ọ̀kan jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, èkejì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ìyá rẹ̀, ẹni àádọ́rin ọdún, ní gíríìnì káàdì, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń gbé, kò sì ní owó kankan tó ń wọlé fún un. Dọ́là 2,000 ni owó ilé wọn lóṣù.

Ìwé owó orí ìjọba àpapọ̀ ni kí ó kọ́kọ́ ṣe, kí ó tó kan ti ìpínlẹ̀. Òkè fọ́ọ̀mù ìpínlẹ̀ pàápàá ń béèrè iye tó wà nínú ti àpapọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí kò bá tọ́ sí i láti kà sí ẹni tó ń bọ́ níwájú ìjọba àpapọ̀, kò lè kà á níbí náà. Form 1 ni fọ́ọ̀mù ẹni tó gbé ìpínlẹ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin. Ẹni tó bá kó wọ ibẹ̀ láàárín ọdún, bóyá ó ti Téṣásì wá ní oṣù kẹfà tàbí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Nàìjíríà dé, Form 1-NR/PY ni tirẹ̀. Ọjọ́ 15 oṣù kẹrin ni ìwé sábà máa ń pé.

Àwọn ìwé tó yẹ kó wà lórí tábìlì kò pọ̀. Èkíní ni W-2 tí ọ́fíìsì fi ránṣẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Èkejì ni 1099-HC tí ilé iṣẹ́ ìbánigbófò ìlera fi ránṣẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni nọ́ńbà Sóṣíà Sẹ̀kúrítì gbogbo ẹni tó fẹ́ kà, ìwé àdéhùn ilé, àti ẹ̀rí owó ilé tó san.

Lẹ́yìn orúkọ àti àdírẹ́sì, ohun àkọ́kọ́ tó gba ìrònú ni ipò ẹni: ṣé ẹ dá wà ni, ṣé tọkọtaya ń kọ̀wé pọ̀ ni, ṣé tọkọtaya ń kọ̀wé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni, tàbí ṣé olórí ilé ni yín, èyí tí wọ́n kọ Head of household sí lórí fọ́ọ̀mù. Ọ̀pọ̀ ìyá tó ń dá ọmọ tọ́ ló máa ń sáré mú «dá wà», nítorí lójú tiwọn kò sí ọkọ nílé, ọ̀rọ̀ sì ti parí. Owó ni wọ́n fi ń ṣòfò. Ẹni tí kò ní ọkọ tàbí aya ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá, tó sì san ju ìdajì ohun tí ilé ná lọ́dún, ìyẹn owó ilé, iná àti oúnjẹ tí wọ́n jẹ nínú ilé, tí ọmọ tó tọ́ sí i láti kà sì ń gbé pẹ̀lú rẹ̀, olórí ilé ni lójú òfin, bó ti wù kó jẹ́ obìnrin.

Ìlà 2a ni ipò yìí ti di owó. Owó tí ìjọba kò ní gba orí lé fún ẹni tó dá wà jẹ́ dọ́là 4,400. Ti olórí ilé jẹ́ 6,800, ti tọkọtaya tó kọ̀wé pọ̀ jẹ́ 8,800. Opó wa kọ 6,800. Dọ́là 2,400 tó fi ju ti ẹni tó dá wà lọ yẹn yóò dín owó orí rẹ̀ kù ní dọ́là 120.

Ìlà 2b ni ti àwọn tí à ń bọ́. Iye ènìyàn la óò kọ sílẹ̀, a ó sì fi 1,000 sọ ọ́ di púpọ̀. Ìwé àfikún kan tí wọ́n ń pè ní Schedule DI ni a ó ti kọ orúkọ ẹnì kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ ìbí rẹ̀ àti nọ́ńbà rẹ̀. A kì í ka ara ẹni sí ibí, a kì í sì í ka ọkọ tàbí aya ẹni. Opó wa kọ 3, èyí sì fún un ní 3,000.

Ibí ni mo fẹ́ ká dúró díẹ̀, nítorí bí Yorùbá ṣe ń bọ́ ara wọn fẹ̀ ju ẹnu ọ̀nà tí òfin yìí ṣí sílẹ̀ lọ. Ọmọ ẹni kò ṣòro: kí ó má tíì pé ọdún mọ́kàndínlógún ní òpin ọdún, tàbí ọdún mẹ́rìnlélógún bí ó bá jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń lọ síléèwé tọ̀sán tọ̀sán, kí ó gbé pẹ̀lú yín ju ìdajì ọdún lọ, kí ó má sì jẹ́ òun ló ń bọ́ ara rẹ̀. Ọmọ tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga tó ń sùn sí họ́sítẹ́ẹ̀lì, bí ẹni ń gbé nílé ni. Ọmọ ẹ̀gbọ́n tàbí ọmọ àbúrò yín tí ẹ gbà tọ́ náà wọlé sábẹ́ òfin yìí, bí ó bá gbé lọ́dọ̀ yín tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àgbàlagbà ló gba ìfarabalẹ̀. Ìyá, bàbá, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ẹni wọlé bí ẹ bá ń gbé ju ìdajì ìnáwó rẹ̀ lọ́dún, tí owó tó wọlé fún òun fúnra rẹ̀ kò sì tó dọ́là 5,050 ní ọdún 2024. Fún ọdún 2025, 5,200 ni ààlà náà. Ó tún gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tàbí ẹni tí òfin owó orí kà sí olùgbé Amẹ́ríkà, Kánádà tàbí Mẹ́síkò. Gbólóhùn ìkẹyìn yìí ló ń ba ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn jẹ́. Ìyá tó wà ní Ìbàdàn, tí ẹ ń fi dọ́là 400 ránṣẹ́ sí lóṣooṣù láìyẹ̀, tí ẹ ń ra oògùn rẹ̀, tí ẹ ń sanwó ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀, kò sí ìlà fún un lórí fọ́ọ̀mù yìí. Kò já mọ́ nǹkan bí rìsíìtì owó tí ẹ fi ránṣẹ́ ṣe pọ̀ tó. Mo mọ̀ pé ó dùn ni, nítorí ìyá yẹn gan-an lè jẹ́ ẹni tí owó wa ń lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ jù lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá sọ fún yín pé òun á bá yín fi í sí i, ẹ̀yin ló ń ti sínú gbèsè, nítorí ẹ̀yin lẹ óò buwọ́ lùwé. Ìyá ti opó wa wọlé nítorí gíríìnì káàdì rẹ̀, kì í ṣe nítorí pé ó jẹ́ ìyá. Ní ti ìyá tó fi físà wá bá wa tọ́jú ọmọ tuntun fún oṣù mélòó kan, kò wọlé bẹ́ẹ̀ lásán. Iye ọjọ́ tó lò ní Amẹ́ríkà ni òfin máa fi ṣírò bóyá olùgbé ni, ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe bá yín ka ọjọ́ náà kí ẹ tó kọ orúkọ rẹ̀.

Ohun kan tún wà tí àṣà wa lè fi ṣì wá lọ́nà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá wa, àbúrò wa ni a ń pè é, bẹ́ẹ̀ náà la sì ṣe ń tọ́jú rẹ̀. Òfin Amẹ́ríkà kò kà á mọ́ ẹbí tímọ́tímọ́ tó lè gbé níbòmíràn kí ẹ sì kà á. Bí ẹ bá fẹ́ kà á, inú ilé yín ló gbọ́dọ̀ ti gbé láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní títí di ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún, kí ó sì pé àwọn ìlànà owó tí mo sọ lókè. Àbúrò bẹ́ẹ̀ tó dé ní oṣù kẹta kò wọlé fún ọdún yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oúnjẹ yín nìkan ló ń jẹ.

Ìlà 2 ṣì ní àwọn àpótí mìíràn, bíi ti ẹni tó ti pé ọdún márùndínláàádọ́rin, dọ́là 700. Ẹ má fi ìyá yín síbẹ̀. Ẹni tó ń kọ fọ́ọ̀mù àti ọkọ tàbí aya rẹ̀ nìkan ni àpótí yẹn wà fún. Àròpọ̀ ìlà 2 ti opó wa jẹ́ 6,800 pẹ̀lú 3,000, ó di 9,800. Kò tíì ní lò ó báyìí. Ó ṣì ń dúró dè é nísàlẹ̀.

Ìlà 3 ni owó iṣẹ́. Ẹ wo àpótí 16 lórí W-2, níbi tí wọ́n kọ owó iṣẹ́ ti ìpínlẹ̀ sí, kì í ṣe àpótí 1 tó jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, nítorí àwọn méjèèjì kì í fìgbà gbogbo bá ara mu. Bí ibi iṣẹ́ bá jẹ́ méjì, ẹ ro àpótí 16 ti méjèèjì pọ̀. Opó wa kọ 58,000. Ìlà 4 sí 9 wà fún owó ìfẹ̀yìntì, èlé báǹkì, òwò àti irú owó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń gba owó oṣù nìkan máa ń kọjá níbẹ̀ kíákíá. Èlé dọ́là 40 tí opó wa gbà ní báǹkì kan ní Masasúsẹ́tì kò da nǹkan kan sílẹ̀, nítorí dọ́là 100 àkọ́kọ́ nínú èlé bẹ́ẹ̀ kò ní orí. Ìlà 10 ni àròpọ̀: 58,000.

Ìlà 11 jẹ́ ti owó Sóṣíà Sẹ̀kúrítì àti Mẹdikéà tí wọ́n ti yọ lára owó yín, èyí tó wà ní àpótí 4 àti 6 lórí W-2. Ìpínlẹ̀ gbà kí ẹ yọ ọ́, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ ju dọ́là 2,000 lọ fún ẹnì kan. Opó wa san 4,437, ó sì kọ 2,000.

Ìlà 14 la dé báyìí, ìlà owó ilé. Ìdajì owó ilé tí ẹ san lọ́dún ni ẹ lè yọ, kò sì gbọdọ̀ kọjá dọ́là 4,000. Dọ́là 3,000 ni ààlà yìí tẹ́lẹ̀ kí òfin tí wọ́n ṣe ní 2023 tó gbé e sókè, bẹ̀rẹ̀ láti orí owó ọdún 2023 yẹn. Tọkọtaya tó ń kọ̀wé pọ̀, 4,000 kan ṣoṣo ló wà fún wọn. Bí wọ́n bá ń kọ̀wé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, 2,000 ni ti ẹnì kọ̀ọ̀kan. Opó wa san 24,000 lọ́dún. Ìdajì rẹ̀ jẹ́ 12,000, ó ti kọjá ààlà jìnnà, nítorí náà 4,000 ló kọ. Ẹ ṣàkíyèsí pé ẹni tí owó ilé rẹ̀ bá ti tó nǹkan bíi dọ́là 667 lóṣù, tó sì san án yíká ọdún, ti kan ààlà náà. Ṣàṣà ni owó ilé tí kò tó bẹ́ẹ̀ ní Bọ́sìtìn àti agbègbè rẹ̀, èyí ni kò fi sí èrè kankan nínú kí ẹnikẹ́ni bu owó ilé rẹ̀ sí i.

Ilé tí ẹ ń gbé gan-an, tó sì wà nínú ìpínlẹ̀ náà, ni owó rẹ̀ wọlé. Owó ìdúró tí onílé gbà kí ẹ tó kó wọlé, tó ń tọ́jú dè bóyá nǹkan lè bàjẹ́, kì í ṣe owó ilé. Iná àti gáàsì tí ẹ ń san lọ́tọ̀ fún ilé iṣẹ́ tó ń pèsè wọn kì í ṣe owó ilé. Ẹni tí ìjọba ń bá san lára owó ilé rẹ̀, apá tó jáde láti àpò tirẹ̀ nìkan ni kí ó kà. Ẹni tó bá sì ń bá àwọn ẹlòmíràn gbé, tí wọ́n dá owó náà jọ, kí oníkálùkù kọ iye tí òun san. Èyí máa ń ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn ọ̀dọ́ wa púpọ̀: ẹni mẹ́ta gba ilé dọ́là 2,700 lóṣù, orúkọ ẹnì kan ló wà lórí ìwé àdéhùn, àwọn méjì tó kù ń fi 900 ránṣẹ́ sí i. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé kò lè ka 2,700. Tirẹ̀ náà jẹ́ 900. Àwọn méjì tó kù gbọ́dọ̀ tọ́jú ẹ̀rí tiwọn, kí ó hàn pé owó ilé ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ kì í ṣe ẹ̀bùn. Ẹ kọ ọ́ sí i nígbà tí ẹ bá ń fi owó náà ránṣẹ́, «owó ilé oṣù kẹta», lóṣooṣù.

Onílé tó ń gba owó lọ́wọ́ lásán ló ń kó ayálégbé sí wàhálà jù. Bí iléeṣẹ́ owó orí ìpínlẹ̀ bá kọ̀wé sí yín pé kí ẹ fi ẹ̀rí owó ilé hàn, ìwé àdéhùn, rìsíìtì, ṣẹ́ẹ̀kì tó ti kọjá ní báǹkì tàbí àkọsílẹ̀ báǹkì ló máa gbà yín. Onílé tó jẹ́ ọmọ ìyá yín ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ní mọ́ṣáláṣí, tí ẹ kò fẹ́ dààmú pẹ̀lú ọ̀rọ̀ rìsíìtì, ẹ dààmú rẹ̀. Ìwé pélébé kan tó ní orúkọ rẹ̀, àdírẹ́sì ilé, oṣù tí ẹ san fún, iye owó àti ìbuwọ́lùwé rẹ̀ ti tó.

Ká ṣírò rẹ̀ wàyí. Ìlà 16 ni àròpọ̀ ohun tó yọ: 2,000 ti ìlà 11 àti 4,000 ti ìlà 14, ó di 6,000. Ìlà 17, 58,000 dín 6,000, ó ku 52,000. Ìlà 18 ni 9,800 tó ti ń dúró láti òkè ti wá ṣiṣẹ́. Ìlà 19, ó ku 42,200. Opó wa kò ní owó mìíràn, nítorí náà iye yìí kan náà ló dé ìlà 21, ìyẹn owó tí orí wà lé. Ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀, ní ìlà 22, jẹ́ dọ́là 2,110.

Ibí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń rò pé ọ̀rọ̀ àwọn tí wọ́n ń bọ́ ti parí, wọ́n á ní àwọn ti kọ ọmọ sí ìlà 2b. Kò tíì parí. Ẹ wo ohun tí ìlà 2b ṣe ní ti gidi: 1,000 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ìdá márùn-ún rẹ̀ jẹ́ dọ́là 50, ẹni mẹ́ta jẹ́ 150. Ìlà owó ilé tí gbogbo ènìyàn ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, 4,000, ìdá márùn-ún rẹ̀ jẹ́ 200. Owó ni, ṣùgbọ́n kò tó nǹkan. Nísàlẹ̀ fọ́ọ̀mù náà, láàárín àwọn ìlà tí a ti ń ka owó tó wà lọ́wọ́ ìjọba fún wa, ìlà mìíràn wà tí wọ́n kọ Child and Family Tax Credit sí. Ìlà yìí kì í yọ nǹkan kúrò lára owó iṣẹ́. Owó gidi ló ń fún ni, dọ́là 440 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan tó tọ́ sí i, kò sí ààlà iye ènìyàn, kò sí ààlà owó iṣẹ́. Bí owó orí yín bá sì tán sórí òdo, ìyókù rẹ̀ yóò wọ báǹkì yín.

Àwọn tó tọ́ sí i ni ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́tàlá ní òpin ọdún, ẹni tí ẹ ń bọ́ tó ti pé ọdún márùndínláàádọ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àti ẹni tí ẹ ń bọ́ tó jẹ́ aláàbọ̀ ara tí kò lè tọ́jú ara rẹ̀. Ẹ tún ka gbólóhùn yẹn. Kì í ṣe ọmọdé nìkan ni. Ìyá ẹni àádọ́rin ọdún tó wà nínú yàrá kejì, 440 wà lórí tirẹ̀, àwọn tó ń bá wa kọ fọ́ọ̀mù sì lè fò ó, nítorí orúkọ ìlà náà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ, wọn kì í sì í béèrè ta ni àgbàlagbà inú ilé. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ti opó wa gba 440, ìyá rẹ̀ gba 440, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 880. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kò gba nǹkan níbí, 50 tó dín ní ìlà 2b náà ni tirẹ̀.

Ó ku owó tí ọ́fíìsì ti yọ kalẹ̀, èyí tó wà ní àpótí 17 lórí W-2. Ká sọ pé 2,580 ni. Iye yẹn kò ṣàdédé wá: òun ni orí ẹni tó ń gba 58,000, tó dá wà, tí kò sanwó ilé, tí kò sì bọ́ ẹnikẹ́ni. Bẹ́ẹ̀ ni ọ́fíìsì ṣe mọ̀ ọ́n. Owó orí tó jẹ ní tòótọ́ jẹ́ 2,110. 2,580 pẹ̀lú 880 jẹ́ 3,460. Tí a bá yọ 2,110, dọ́là 1,350 ni ìjọba ìpínlẹ̀ yóò dá padà fún un. Nínú 1,350 yìí, 120 wá láti inú àpótí olórí ilé, 150 láti ìlà 2b, 200 láti owó ilé, 880 sì láti ìlà tí a lè fò kọjá nísàlẹ̀.

Kí owó náà má bàa dín, kí ó kọ Schedule HC, ìwé àfikún tí a fi ń sọ pé a ní ìbánigbófò ìlera yíká ọdún. 1099-HC ló ní àwọn nọ́ńbà tó nílò. Ìpínlẹ̀ yìí ń bu owó ìtanràn lé àgbàlagbà tí kò ní in tí agbára rẹ̀ sì ká a, fọ́ọ̀mù yìí kan náà ni wọ́n sì fi ń gbà á.

Bí nǹkan kan bá ṣe àṣìṣe, bí ó ṣe máa ń hàn yàtọ̀ síra. Bí bàbá àwọn ọmọ tí kò sí pẹ̀lú yín mọ́ bá ti kọ nọ́ńbà ọmọ kan sínú ìwé tirẹ̀ ṣáájú, kọ̀ǹpútà ìjọba àpapọ̀ sábà máa ń dá tiyín padà láàárín wákàtí mélòó kan. Kò túmọ̀ sí pé òun ló jàre. Ọ̀dọ̀ ẹni tí ọmọ sùn sí jù lọ́dún ni òfin kọ́kọ́ fún, àyàfi bí ẹni náà bá buwọ́ lu Form 8332 láti gbé e fún èkejì. Ẹ wá ìwé iléèwé àti ti dókítà tó ní àdírẹ́sì yín, kí ẹ sì fi ìwé tiyín ránṣẹ́ nípasẹ̀ pósítì. Àṣìṣe nípa owó ilé tàbí nípa àgbàlagbà, lẹ́tà ló máa ń mú wá, nígbà mìíràn lẹ́yìn ọ̀pọ̀ oṣù, lẹ́tà náà sì máa ń ní ọjọ́ tí ẹ gbọ́dọ̀ dáhùn. Ẹni tí kò dáhùn, wọ́n á yọ ìlà náà kúrò, wọ́n á sì fi èlé kún gbèsè rẹ̀.

Bí ẹ bá gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn, ẹ má buwọ́ lu òfìfo, ẹ sì gba ẹ̀dà kí ẹ tó jáde. Lórí ẹ̀dà yẹn, ohun mẹ́rin ni kí ẹ wò: ipò tí wọ́n fi yín sí lókè, iye ènìyàn tó wà ní ìlà 2b, 4,000 ní ìlà 14, àti bóyá nǹkan wà ní ìlà 440 nísàlẹ̀. Ẹni tó bá ń gba owó iṣẹ́ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìdá kan nínú owó tí ìjọba máa dá padà ní ìdí láti fi ẹni tí kò yẹ kún un. Ẹ yẹra fún un.

Bí ẹ bá ti kọ ti àwọn ọdún tó kọjá, tí ẹ wá rí i nísinsìnyí pé wọ́n fo ìyá yín tàbí owó ilé, ààyè ṣì wà. Ọdún mẹ́ta ni òfin fún yín láti tún un kọ, bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí ìwé ọdún yẹn yẹ kó wọlé bí ẹ bá kọ ọ́ lásìkò. Ẹ lè ṣe é lórí MassTaxConnect, tàbí kí ẹ tún Form 1 ti ọdún náà kọ kí ẹ sì sàmì sí i pé àtúnṣe ni. Kí ẹ lo iye ti ọdún yẹn gan-an: ní 2022, 3,000 ni ààlà owó ilé. Ní 2023, 310 ni ohun tó di 440 lónìí.